Fídíò Ogun Kírìjì mi kò ṣí ní ilé-ìwé àwọn ọmọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fọlákẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú mi ò dùn rárá. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ní kí n wá fi fídíò mi lórí Ogun Kírìjì han kíláàsì kẹfà ní oṣù kẹwàá, oṣù tí wọ́n fi ń sọ ìtàn àwa adúláwọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló lọ ya fídíò yìí ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, èmi sì ra òfì fún àwọn tó ṣe bí Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi. Owó kékeré kọ́ ni mo ná. Tíṣà tẹ̀ ẹ́ lójú bọ́ọ̀dù ńlá níwájú mi, gbogbo rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ló kàn jáde. Bẹ́ẹ̀ fídíò ogun tiwọn ń ṣí níbẹ̀, mo fojú ara mi rí i. Ṣé torí pé Yorùbá la sọ ni? Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ṣadé
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ṣùgbọ́n kí lọmọ kékeré fẹ́ fi ogun ṣe? Láti 1877 títí di 1893 ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi kojú ara wọn, ìtàn ikú ni. Ti èmi náà, fídíò ìgbéyàwó ọmọ mi, Yútúùbù gbé e kúrò nítorí orin tí díìjéè fi sí i. Mo kọ lẹ́tà títí, wọn ò dá mi lóhùn. Wọn kì í gbọ́ tẹni.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ orin kọ́ ni tiwọn yìí, Bàbá. Ìyá Fọlákẹ́, ẹ lọ sínú `YouTube Studio`, ẹ mú `Yes, it's made for kids`. Tèmi tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní a-b-d ń ṣí ní ilé-ìwé. Tiyín náà á ṣí.

Akin Kọ̀ǹpútà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ni mò ń ṣe. Kí ni ọ̀rọ̀ tó jáde lójú bọ́ọ̀dù gan-an? Bó bá jẹ́ `This video is unavailable with Restricted Mode enabled`, asẹ́ Yútúùbù ló yọ fídíò yín. Asẹ́ yìí ń wo àkọlé, àlàyé abẹ́ fídíò, àti bóyá wọ́n ti fi ọjọ́ orí dí i. Ọ̀rọ̀ ogun àti ìwà ipá wà lára ohun tó ń yọ. Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ sọ yẹn ń jẹ́ kí Yútúùbù mọ̀ pé ọmọdé la ṣe fídíò fún, ó sì ń pa kọ́mẹ́ńtì rẹ̀. Kò lè dá fídíò tí asẹ́ ti yọ padà. Tiyín ń ṣí torí pé kò sí ohun tí asẹ́ fẹ́ mú nínú a-b-d.

Ẹ lè yẹ tiyín wò láti ilé. Ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ nínú bíráwúsà kọ̀ǹpútà, ẹ má wọlé sí àkáǹtì kankan. Ẹ lọ sí Yútúùbù, ẹ tẹ ẹ̀kán mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé `Restricted Mode`, kí ẹ tàn án. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fídíò mìíràn tí ẹ mọ̀ pé kọ́mẹ́ńtì máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ ti ọmọdé. Bí ẹ ò bá rí kọ́mẹ́ńtì lábẹ́ rẹ̀, asẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ lẹ líǹkì tiyín síbẹ̀.

Ìyá Fọlákẹ́
O ṣé, àbúrò. Ó ń ṣí nílé, gbogbo ẹbí ló ti wò ó. Ilé-ìwé ló ní wàhálà. Kí Bàbá Ṣadé sì mọ̀ pé kíláàsì yìí kan náà ń kọ́ nípa Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tiwa nìkan ni ìtàn ikú?

Dàmi
Kí tíṣà pa wáì-fáì ilé-ìwé, kó lo dátà fóònù rẹ̀. Ó parí.

Tíṣà Bọ́lá
Dàmi, má kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni èmi náà. Ìjọba retí pé kí ilé-ìwé máa sẹ́ ohun tí ọmọ ń rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tíṣà tó bá yọ́ gba ẹ̀yìn asẹ́ níwájú kíláàsì ti fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu.

Akin Kọ̀ǹpútà
Ó tilẹ̀ lè má ṣiṣẹ́. Ìdènà lè wà lára nẹ́tíwọ̀kì ilé-ìwé, ó sì lè wà lára àkáǹtì Gúgù tí ilé-ìwé fún tíṣà. Bó bá jẹ́ ti àkáǹtì, ó ń bá a lọ síbikíbi tó bá ti wọlé, dátà ò ràn án. Kí tíṣà ṣí ojú ìwé yìí lórí kọ̀ǹpútà tó ń lò fún bọ́ọ̀dù yẹn, á fi ibi tí ìdènà ti wá hàn án:

```
youtube.com/check_content_restrictions
```

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tan `Restricted Mode` kí ẹ tó wò ó nílé? Tí ẹ ò bá tàn án, ohun tí ilé-ìwé rí kọ́ lẹ rí.

Ìyá Fọlákẹ́
Mo ti tàn án báyìí. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ tí o kọ yẹn gan-an ló jáde. Mo wá pa á padà nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ yẹn, ó tún ní kí n wọlé sí àkáǹtì kí n fi hàn pé mo ti dàgbà tó. Ìyẹn yé mi, torí èmi fúnra mi ni mo mú ọdún méjìdínlógún nígbà tí mò ń gbé e sókè. Àwọn kan máa ń wá bú Ìbàdàn bú Ìjẹ̀ṣà lábẹ́ fídíò mi, èébú tí ò yẹ létí ọmọ. Mi ò kábàámọ̀ pé mo dáàbò bo àwọn ọmọ.

Akin Kọ̀ǹpútà
Hẹ̀n-ẹ́n! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Fídíò tí a bá ti fi ọdún méjìdínlógún dí, asẹ́ ò ní gbà á rárá. Ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ òyìnbó, ì báà jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń jẹko nínú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa yọ ọ́. Nínú `YouTube Studio`, ẹ tẹ `Content`, ẹ tẹ fídíò náà, ẹ wá `Age restriction`, kí ẹ mú `No, don't restrict my video to viewers over 18 only`, kí ẹ wá tẹ `Save`. Bó bá jẹ́ Yútúùbù ló fi síbẹ̀, ẹ máa ní láti pẹ̀jọ́ ni. Ní ti èébú, ẹ pa kọ́mẹ́ńtì lójú ewé yẹn kan náà.

Mi ò ṣèlérí pé yóò ṣí lẹ́yìn èyí. Kí ni àkọlé rẹ̀?

Ìyá Fọlákẹ́
"Kírìjì: Ẹ̀jẹ̀ Ṣàn Bí Omi." Mi ò ní yí i. Báyẹn ni bàbá àgbàlagbà tó wà nínú fídíò ṣe sọ ọ́.

Bàbá Ṣadé
Ẹ wá rí i. Ẹ̀jẹ̀! Ẹ fi àdéhùn 1886 ṣe àkọlé, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé a parí ìjà.

Tíṣà Bọ́lá
Ìyá, bí kò bá ṣí, ẹ mú fáìlì fídíò náà fún tíṣà. Tiyín ni, ẹ lè gbà á sílẹ̀ láti inú `YouTube Studio`. Kí ó kọ́kọ́ wò ó tán, kí ó sì fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí.

Ìyá Ìbejì
Èmi ṣì ní kí ẹ mú `made for kids`.

Ìyá Fọlákẹ́
Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ lè wò ó nílé náà, Tíṣà Bọ́lá, n ò fẹ́ fáìlì. Mo ti yọ ọdún méjìdínlógún, mo ti pa kọ́mẹ́ńtì, mo fi àkọlé sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tan `Restricted Mode` nínú fèrèsé tuntun, ó ṣí! Mo ti fi líǹkì ojú ìwé àyẹ̀wò yẹn ránṣẹ́ sí tíṣà, ó ní òun á gbìyànjú rẹ̀ lójú bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ajé.

Akin Kọ̀ǹpútà
Kó gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àkáǹtì tó máa lò lọ́jọ́ náà gan-an o. Ipele méjì ni ilé-ìwé lè fi asẹ́ sí, èyí tó le ń yọ fídíò ju èkejì lọ. Tó bá kọ̀, kí tíṣà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó àkáǹtì Gúgù wọn bóyá ó lè fọwọ́ sí fídíò yẹn nìkan. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ lọ́jọ́ Ajé.