Ṣé «ìgbésókè» ni àbí «fọ̀rọ̀ lọ̀»? Ọ̀rọ̀ ìwé tí mò ń kọ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun lórí ìjábọ̀ jọ́ọ̀bù òwúrọ̀

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mò ń kọ ìwé kékeré kan fún ọmọ iṣẹ́ tuntun tó máa máa ka ìjábọ̀ jọ́ọ̀bù òru, àwọn iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń dá ṣe lóru, láago mẹ́fà àárọ̀ níbi iṣẹ́ wa, ilé ìfowópamọ́ kékeré ni wá. Ibi tí rípọ́ọ̀tì bá ti sọ pé `Succeeded`, mo kọ «ó parí». Ibi tó ti yẹ kó pe ọ̀gá, mo kọ «ìgbésókè». Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo gan-an sì ni kí n sọ pé kó pe ọ̀gá?

Tíṣà Àgbà (Ọ̀yọ́):
Ìyá Ìbejì, mo kí ọ, ṣùgbọ́n «ìgbésókè» yẹn bí mi nínú. Àsíá là ń gbé sókè, ẹrù là ń gbé sókè. Bí ọmọdé bá ka «gbé jọ́ọ̀bù sókè», ohun tó máa yé e ni pé kó fi jọ́ọ̀bù yẹn ṣíwájú àwọn tó kù. Nílé bàbá mi, bí tọkọtaya bá jà, baálé ilé ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, tó bá kọjá agbára ẹ̀ wọ́n á fi lọ olórí ẹbí, tó bá tún kọjá ìyẹn ó di ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun gbé ẹjọ́ sókè. «A fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n» ni wọ́n ń sọ. Lọ̀ o, ohùn ìsàlẹ̀! Òun náà ló wà nínú ìfilọ̀ tí gbogbo wa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Jagun (Àkúrẹ́):
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní lọ̀ ni, ohùn ìsàlẹ̀, ẹ̀yin náà sì tún kọ «fi lọ olórí ẹbí» láìsí àmì kankan lórí ẹ̀. Èwo ni ká mú níbẹ̀? Ní ti ìbéèrè Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Ìlà tó bá pupa ni kó pe ọ̀gá sí, èyí tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé kó fi sílẹ̀. Kó sì kọ́kọ́ tún jọ́ọ̀bù náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pe ẹnikẹ́ni, torí inú máa ń bí àwọn ọ̀gá tí wọ́n bá jí wọn fún nǹkan tí ò tó nǹkan.

Tíṣà Àgbà (Ọ̀yọ́):
Jagun, ṣé o ti gbàgbé «rà» àti «ra aṣọ» ni? Ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ kì í dúró sí ìsàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e. Fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, fọ̀rọ̀ lọ àgbà. Ìdí tí mo fi yọ àmì kúrò nìyẹn.

Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìlọrin):
Ẹ má bínú, mo ti bá a láàárín. Àwa náà máa ń ka rípọ́ọ̀tì àárọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru á dúró níwájú ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́, wọ́n á jọ máa ti bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ màmá kan ń lọ sílẹ̀, mo sọ fún dókítà tó ń kọjá, ó mi orí, mo rò pé ó ti gbọ́. Kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń mi orí sí. Ọlọ́run ló yọ màmá yẹn. Torí ẹ̀ ni «fọ̀rọ̀ lọ̀» yẹn ò ṣe tẹ́ mi lọ́rùn, ó kàn ń sọ pé mo ti sọ ọ́ ni. «Fi lé àgbà lọ́wọ́» ló yẹ kẹ́ ẹ kọ, torí ohun tí wọ́n bá fi lé èèyàn lọ́wọ́, ó máa mọ̀ pé nǹkan wà lọ́wọ́ òun.

Ọmọ Àkẹ́ (Lọ́ńdọ̀nù):
Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí «ó parí», torí ewu tó wà níbẹ̀ ju ti «ìgbésókè» lọ. Ọmọ tí wọ́n rán lọ ra epo tó padà wálé lọ́wọ́ òfo, ìrìn ẹ̀ ti parí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ò yọrí. Bẹ́ẹ̀ náà ni jọ́ọ̀bù ṣe rí. Nínú `SQL Server Agent`, ohun tó ń bá dátábéèsì tan jọ́ọ̀bù lásìkò tí wọ́n bá fi sí, jọ́ọ̀bù kan lè ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Tí wọ́n bá ti ṣètò ìkejì pé tó bá kùnà kó máa bọ́ sórí èyí tó kàn, tí ìkẹta wá ṣe dáadáa, `Succeeded` ni wàá bá lórí jọ́ọ̀bù náà láàárọ̀, ìgbésẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn ni wọ́n fi ń dájọ́ gbogbo ẹ̀. Jagun, ibi tí «àwọ̀ ewé kó fi sílẹ̀» ti máa ń pani lára nìyẹn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Jọ́ọ̀bù èlé ni. Ìgbésẹ̀ kìíní ń ṣe bákọ́ọ̀pù, ìkejì ń fi èlé sí àkáǹtì àwọn oníbàárà, ẹ̀ka kan tẹ̀lé òmíì, ìkẹta ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti tán. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gbogbo ìlà ló jẹ́ àwọ̀ ewé. Mo wá ka iye ìlà, ó jẹ́ 21, 22 ló sì yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tí ò sí níbẹ̀ ni jọ́ọ̀bù tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà inú dátábéèsì, bákọ́ọ̀pù yẹn ló sì ń jẹ́ kí àyè yọ nínú lọ́ọ̀gì. Ẹnì kan ti pa jọ́ọ̀bù náà nígbà tó ń tún nǹkan ṣe lálẹ́, ó sì gbàgbé láti tan án padà. Jọ́ọ̀bù tí ò ṣiṣẹ́ rárá kì í pupa o, torí kò sí ìtàn kankan tí rípọ́ọ̀tì máa rí kà nípa ẹ̀. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣe bákọ́ọ̀pù lọ́ọ̀gì mọ́, lọ́ọ̀gì kún, ìgbésẹ̀ kejì sì dá dúró láàárín, ohun tó wà nínú ẹ̀ nìyí:

```
The transaction log for database 'SAVINGS' is full due to 'LOG_BACKUP'.
```

Ìgbésẹ̀ kẹta sì fi ímeèlì ẹ̀ ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti tán. Torí náà Ìyá Ìbejì, kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ ka iye ìlà, kó fi wé iye tó yẹ kó wà, kó tó wo àwọ̀ kankan. Lẹ́yìn ìyẹn kó wo inú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fi déètì ọjọ́ tí ìgbésẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí i, torí èyí tó bẹ̀rẹ̀ kí aago méjìlá òru tó lù, déètì àná ló máa gbé:

```sql
SELECT j.name, h.step_id, h.run_status, h.run_duration
FROM msdb.dbo.sysjobhistory h
JOIN msdb.dbo.sysjobs j ON j.job_id = h.job_id
WHERE h.run_date = 20250314
  AND h.step_id > 0 AND h.run_status <> 1;
```

`run_status` tó bá jẹ́ 0, ìgbésẹ̀ yẹn kùnà nìyẹn, àní kí orí jọ́ọ̀bù jẹ́ àwọ̀ ewé.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn):
Ah! Ẹ ṣé gan-an bùrọ̀dá. Àwa ò ka iye ìlà rí. Mo wo ti wa báyìí, `run_duration` jọ́ọ̀bù èlé wa jẹ́ 14510, ṣé wákàtí mẹ́rin ni ìyẹn àbí kí ni? Mo fi ìṣẹ́jú àáyá ṣírò ẹ̀, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ, kò sì lè tó bẹ́ẹ̀. Tó bá wá kùnà ńkọ́, ṣé kí ọmọ náà tún un tẹ̀ bí Jagun ṣe wí?

Ọmọ Àkẹ́ (Lọ́ńdọ̀nù):
Rárá àǹtí, ẹ kà á láti ẹ̀yìn ní méjì méjì. 10 ni ìṣẹ́jú àáyá, 45 ni ìṣẹ́jú, 1 ni wákàtí. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 ni. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa mọ ìgbà tó yẹ kó pe ọ̀gá. Ká ní aago 8:00 lẹ ń ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, ẹ yọ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 kúrò níbẹ̀, ó ku 6:15. Tí ọmọ náà bá rí i láago 6:05, ìṣẹ́jú 10 péré ló kù kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé iṣẹ́ ò ní lè tán kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kò sí àyè ẹ̀ẹ̀mẹta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jọ́ọ̀bù tó ń nu fáìlì àtijọ́ kúrò ló kùnà, tí àyè ṣì pọ̀ lórí dísìkì, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó dúró kí ọ̀gá dé láago mẹ́jọ. Aago ni kó máa wò, kó sì wo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa kàn láàárọ̀ yẹn.

Ní ti àtúntẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má dán an wò lórí jọ́ọ̀bù èlé. Níbi tí mo sọ yẹn, wọ́n tan bákọ́ọ̀pù lọ́ọ̀gì padà, àyè yọ, ẹnì kejì mi bá tẹ jọ́ọ̀bù èlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tó ti gba èlé kí lọ́ọ̀gì tó kún tún gba òmíì lé e. Ọjọ́ méjì la fi yọ ọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì ti ná tiwọn. Ẹni tó ni jọ́ọ̀bù nìkan ló mọ̀ bóyá ó ṣe é tún tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tàbí láti ibi tó dúró sí, ẹ kọ orúkọ ẹni yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín. Tó bá sì pè é, kó má sọ pé «sistẹ́ẹ̀mù ò ṣiṣẹ́». Kó sọ báyìí: «Ẹ káàárọ̀ sà, ìgbésẹ̀ kejì jọ́ọ̀bù èlé dúró láago 2:40, ó ní lọ́ọ̀gì kún, bákọ́ọ̀pù lọ́ọ̀gì ò sí nínú rípọ́ọ̀tì, mi ò tíì tẹ nǹkan kan, 6:15 ló yẹ kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀.»

Màmá Nọ́ọ̀sì (Ìlọrin):
Kó sì dúró kó gbọ́ «mo ti gbà á» o. Tí kò bá gbọ́ ọ, ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó pe ẹni tó kàn.

Jagun (Àkúrẹ́):
Mo gba ti èlé yẹn, mi ò ro ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jọ́ọ̀bù tó ń fa rípọ́ọ̀tì lásán, ẹ̀ẹ̀kan péré náà ṣì yẹ kó tún un tẹ̀. Kí wọ́n má sọ ọmọ yẹn di ẹni tó kàn ń pe fóònù kiri.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn):
Mo ti yọ «ìgbésókè» kúrò. Mo kọ «fọ̀rọ̀ lọ ẹni tó ni jọ́ọ̀bù, kó o sì dúró títí á fi gbà á lọ́wọ́ ẹ». Níbi `Succeeded` mo kọ «ó yọrí», mo wá fi kún un pé kó ṣì wo inú ìgbésẹ̀. Bàbá Tíṣà, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?

Tíṣà Àgbà (Ọ̀yọ́):
Ti lọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Yọrí ni ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ lè yọrí sí ayọ̀, ó sì lè yọrí sí ìjà, yọrí nìkan ò tíì sọ ibi tó yọrí sí. «Kẹ́sẹ járí» làwọn bàbá wa ń sọ.

Ọmọ Àkẹ́ (Lọ́ńdọ̀nù):
Bàbá, «yọrí sí» ni ẹ̀ ń sọ yẹn, kì í ṣe «yọrí». Nílé wa l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n bá ti ní iṣẹ́ yọrí, ó ti dáa nìyẹn.

Tíṣà Àgbà (Ọ̀yọ́):
L'Ábẹ́òkúta. Èmi ń sọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́. Lọ́la màá kọ èrò mi lórí yọrí ní kíkún.