Aṣọ òkè ṣì wà lórí pẹpẹ, ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń sọ pé ó ti tán

Aláṣọ Òkè Pákàtà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Aṣọ òkè ni mo ń tà ní Ìlọrin níbí. Àwọn ahunṣọ ló ń hun, èmi ni mo ń ya fọ́tò, tí mo sì ń gbé e sórí ìsọ̀ tí mo fi WooCommerce ṣí.

Gèlè àti ìpèlé aláwọ̀ ewé kan wà nílẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo, torí a ò rí irú òwú yẹn rà mọ́. ₦45,000 ni iye rẹ̀. Ìyá kan pè mí láti Òmù-Àrán pé òun fẹ́ ẹ fún ìkómọ ọmọ-ọmọ òun, owó ti wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Out of stock ni òun ń rí lójú ewé ọjà náà. Mo bojú wo pẹpẹ, aṣọ wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo wo àwọn ọ́dà ni mo rí i pé ẹnì kan ní Ìbàdàn ti ṣe ọ́dà rẹ̀ láti ìjẹta, ó yan tíránsífà báǹkì, kò sì tíì san kọ́bọ̀. On hold ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò sanwó ló ti aṣọ mi mọ́lé fún ẹni tó fẹ́ sanwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bọ̀dá Tankẹ

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Báàgì ni mò ń tà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lọ sí Settings, Products, Inventory, ẹ ó rí Hold stock (minutes). 60 ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Mo sọ tèmi di 30. Láti ìgbà yẹn, ọ́dà tí wọn ò bá sanwó ẹ̀ á fagi lé ara ẹ̀, báàgì á sì padà sórí àtẹ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí.

Àlàájà Ọjà-Ọba

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ fún oníbàárà tìrẹ, torí káàdì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń sanwó. Kì í ṣe ìyẹn ló ṣe Aláṣọ. Ìṣẹ́jú tó o dín kù yẹn, ọ́dà tó wà ní Pending payment nìkan ló ń ká mọ́, ìyẹn ẹni tó dé ibi káàdì tó wá pa fóònù ẹ̀ dé. Ẹni tó bá yan tíránsífà tààrà sí báǹkì, On hold ni ọ́dà rẹ̀ ń bọ́ sí, wọ́n sì ti yọ ọjà náà kúrò nínú iye tó kù lójú ẹsẹ̀. Kò sí aago kankan tó ń ká ìyẹn. Ibẹ̀ ni yóò wà títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi sọ ọ́ di Cancelled. Tó o bá ti sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ọjà á padà fúnra ẹ̀, o ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ iye kankan.

Àsìkò Iléyá kan ni èyí kọ́ mi. Léèsì kún ìsọ̀ mi lójú ayé, ṣùgbọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé mo ti tà tán ni. Àwọn tó ń tẹ ọ́dà láti fi wo iye owó dẹlífárì nìkan ló ti gbé gbogbo ẹ̀ dání. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé lẹ́yìn ìrun ìṣáì, mo máa ń ṣí àwọn tó wà ní On hold, mo sì ń pe wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀rọ̀ tó ń jáde lábẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la ó tọ́jú ọjà dé, àti pé kí wọ́n fi nọ́ńbà ọ́dà wọn sínú àlàyé tíránsífà. Inú ìyẹn ni mo ti ń mọ owó ta ni ó wọlé. N kì í sọ ọ́dà di Processing lórí fọ́tò àláàtì tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àkáǹtì tèmi ni mo ń ṣí wò, títí owó fi hàn níbẹ̀.

Tí kò bá wù ọ́ láti máa pe ènìyàn, fi Paystack sí i. Oníbàárà ṣì lè ṣe tíránsífà níbẹ̀: wọ́n á fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì fún ọ́dà yẹn nìkan, bí owó bá sì ti wọlé, ọ́dà á bọ́ sí Processing láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n á yọ owó tiwọn o. Ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100 lé e, kò sì gbọdọ̀ ju ₦2,000 lọ. Lórí gèlè rẹ oní ₦45,000, ₦675 àti ₦100 ni, ₦775 lápapọ̀. Ẹni tó bá ra àǹkóò oní ₦150,000, ₦2,000 náà ni wọn yóò mú.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ìgbájà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọjà tèmi náà máa ń tán kí n tó mọ̀, pàápàá lásìkò òjò tí iṣu kì í gbẹ dáadáa. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Wàhálà tèmi ni àtifi ránṣẹ́. Awakọ̀ ni mò ń kó o fún ní gárèèjì. Mo máa ń kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á sára àpò níbi méjì, kí ọ̀kan má bàa pa rẹ́, mo sì ń ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀. Nọ́ńbà awakọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra. Mo tún máa ń bá awakọ̀ sọ ọ́ níwájú ara wa bóyá mo ti sanwó tán tàbí ẹni tó ń gbà á ló máa san. Ìgbà kan wà tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ èmi, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ oníbàárà mi ní Ìlọrin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ "A TI SAN" gàdàgbà sára àpò.

Ọmọ Ọ̀fà

Ìyá wa, ti Aláṣọ kì í ṣe pé ọjà tán, ó wà nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu ba fífi ránṣẹ́, torí ibẹ̀ ni èmi ti rí tèmi.

Bàtà ni mò ń tà. Mo pín ibi tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà méjì nínú Shipping zones: Nigeria àti Kwara. Àwọn ará Àjàṣẹ́-Ìpo tó wà nítòsí mi wá ń rí owó kan náà tí ará Èkó ń rí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í bi mí léèrè, wọ́n á kàn fi ọjà sílẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé WooCommerce ń ka àwọn zone láti òkè wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá àdírẹ́sì mu ló máa mú, kì í tún wo ìyókù. Nigeria ló wà lókè, Kwara sì wà nínú Nigeria, nítorí náà kò sẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ Kwara rí. Mo fi ọwọ́ fa Kwara lọ sókè, ó tán. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò: ẹ fi ọjà sínú kẹ̀kẹ́ yín, ẹ tẹ àdírẹ́sì Èkó, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ ti Ọ̀fà. Tí iye méjèèjì bá dọ́gba, ẹ lọ wo bí ẹ ṣe tò ó.

Nínú Kwara náà, ẹ má fi iye kan ṣoṣo síbẹ̀. Ọ̀kadà láti Pákàtà dé Tankẹ kì í ṣe owó kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń lọ Òmù-Àrán. Èmi fi Flat rate méjì síbẹ̀, mo sì sọ wọ́n lórúkọ tí ènìyàn yóò yé: "Wọn á gbé e wá bá ọ nílé, Ọ̀fà nìkan" àti "Wàá lọ gbà á ní gárèèjì ìlú rẹ". Local pickup sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wá mú un fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó bá ra ju bàtà kan lọ, èyí ni mo kọ síbi iye owó:

```
2500 + (500 * [qty])
```

Bàtà kan á san ₦3,000, mẹ́ta á san ₦4,000.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ìgbájà

Ọmọ mi, ṣé ìyẹn mọ̀ pé àpò ńlá wúwo ju kékeré lọ?

Ọmọ Ọ̀fà

Kò mọ̀ ọ́n, màámi. Iye ẹyọ ló ń kà, kì í ka ìwúwo. Ẹ máa nílò Shipping classes, ọ̀kan fún àpò ńlá, ọ̀kan fún kékeré, kí ẹ sì dá owó tiwọn lé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àlàájà Ọjà-Ọba

Aláṣọ, mo lọ wo ojú ewé ọjà rẹ. Aṣọ dára, ṣùgbọ́n abẹ́ iná yẹ́lò lo ti ya á, ewé yẹn sì ń pọ́n. Gbé e sí ẹnu ọ̀nà lójú mọ́mọ́ kí o tó ya á, kí o sì fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò kan, torí oníbàárà kò lè fọwọ́ wọn fífẹ̀ rẹ̀. Mo tún rí i pé "gèlè nìkan", "ìpèlé nìkan" àti "gèlè àti ìpèlé" wà níbẹ̀. Eélòó lo kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Aláṣọ Òkè Pákàtà

Ọ̀kan ọ̀kan ni, Àlàájà.

Àlàájà Ọjà-Ọba

Ìyẹn ni ewu tó kù. Ìpín kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnì kan lè ra gèlè, ẹlòmíràn á sì ra gèlè àti ìpèlé, owó méjèèjì á wọlé, gèlè kan ló sì wà nílẹ̀. Yọ àmì kúrò nínú Manage stock? lábẹ́ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ sí Inventory ti ọjà náà fúnra rẹ̀, kí o kọ 1 síbẹ̀. Nígbà náà, inú iye kan ni gbogbo wọn yóò máa mú. Àléébù rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ra gèlè nìkan, yóò pa gbogbo ẹ̀ dé, wàá sì ní láti ṣí ojú ewé mìíràn fún ìpèlé tó kù. Èmi fara mọ́ ìyẹn ju kí n máa bẹ oníbàárà tí mo ti gbowó rẹ̀.

Bọ̀dá Tankẹ

Ẹ ṣeun, Àlàájà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a ò kúkú gba owó nígbà tí ọjà bá délé? Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn ẹ̀, ọkàn wọn sì máa ń balẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà

Ní Tankẹ tó o ti lè gun ọ̀kadà lọ bá wọn, ó dáa. Tó bá di Èkó, ta ló máa san owó àbọ̀ tí wọ́n bá kọ̀ ọ́? Ọ́dà bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí Processing lójú ẹsẹ̀, ó sì ń yọ ọjà kúrò nílẹ̀ bíi ti On hold náà, láìsí kọ́bọ̀. Kwara nìkan ni mo ṣí i fún.

Bọ̀dá Tankẹ

Mi ò tíì gbà. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, báwo ló ṣe máa kọ́kọ́ sanwó?

Aláṣọ Òkè Pákàtà

Mo pe ará Ìbàdàn náà lálẹ́ àná. Ó ní òun ti rí òmíràn. Mo sọ ọ́dà ẹ̀ di Cancelled, ojú ewé sì ṣí padà lójú mi. Ìyá Òmù-Àrán ti sanwó láàárọ̀ yìí, mo ti rí i nínú àkáǹtì, ọkọ̀ ọ̀sán ló máa gbé e lọ. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ìbéèrè kan ló kù fún mi. Aṣọ tí wọ́n bá ní kí n lọ hun, tí kò tíì sí nílẹ̀, tí mo sì fẹ́ gba ìdajì owó sílẹ̀ kí ahunṣọ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹnikẹ́ni ń gba ìyẹn lórí ìsọ̀ rẹ̀, àbí orí fóònù lẹ ti ń bá wọn parí ẹ̀?

Àlàájà Ọjà-Ọba

Orí fóònù lèmi ń ṣe tèmi. Mo máa ń fọwọ́ ṣí ọ́dà tuntun fún ìdajì àkọ́kọ́, mo sì ń ṣí òmíràn fún ìyókù nígbà tí aṣọ bá jáde lórí òfì. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ sọ ọ́.