Àbọ̀ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì: mi ò dá a dúró

“Tí mo bá pín owó ṣọ́ọ̀bù lé ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí, búrẹ́dì ń jẹ gbèsè. Ṣé kí n pa á tì?”

Ìbéèrè tí mo bi yín nìyẹn, lórí búrẹ́dì, mít-páì àti ṣinṣín tí mò ń tà. Ẹ ṣé gbogbo yín tẹ́ ẹ dáhùn. Búrẹ́dì dúró.

Ẹ̀gbọ́n oníṣirò owó ló ní kí n gbé owó ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí n wo ohun tó ń bá búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan lọ nìkan: fulawa, ṣúgà, yíìsì, bọ́tà, gáàsì, ọ̀rá tí mo ń dì í sí. Ó jẹ́ 950 náírà. 1,200 ni mò ń tà á. Mò ń ta 400 lọ́sẹ̀, 100,000 náírà ló sì ń ṣẹ́ kù. Mo yọ 20,000 ọmọ tó ń po búrẹ́dì, torí bí búrẹ́dì bá lọ, òun náà á lọ. 80,000 tó kù ń bá mi san owó ṣọ́ọ̀bù, lanlọ́ọ̀dù ò sì ní dín kọ́bọ̀ torí pé mi ò ta búrẹ́dì mọ́.

Ẹni tó ní kí n máa ṣe mít-páì nìkan kò jìnnà sóòótọ́. Wákàtí ófùnù kan fún mít-páì ń mú owó wá ju ti búrẹ́dì lọ, àmọ́ àwọn tó ń rà á kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mít-páì ń kọ́kọ́ wọ ófùnù, búrẹ́dì á tẹ̀ lé e.



Ṣinṣín gan-an ni wàhálà: òróró ti wọ́n, ọ̀rá kan ń ná mi ní 510, mo sì ń tà á ní 500! Mo ti sọ ọ́ di 600. Àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń kùn.