Iná inú àjà pálọ̀ mi ń kú fúnra rẹ̀ lálaalẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. A ṣe àjà píópì sí pálọ̀ wa ní Àgùdà, Sùúrùlérè, torí pé àbúrò ọkọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó, àlejò á sì wá. Ìyá kan ní ìjọ wa ló júwe oníṣẹ́ iná fún mi. Ọkùnrin náà jẹun nílé mi bí ọmọ, mo sanwó rẹ̀ pé. Iná mẹ́jọ ló rì sínú àjà, ìlà méjì, mẹ́rin mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ná, àárín pálọ̀ mọ́lẹ̀ kọjá ààlà, igun ibi tí àga wà sì ṣókùnkùn. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé bí a bá tanná lálẹ́, á tàn fún bíi wákàtí kan, ni méjì tàbí mẹ́ta á bá kú. Bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún tàn. Òmíràn á máa ṣẹ́jú. Méjì ti kú tí kò tàn mọ́ rárá. Mo pe ọkùnrin náà, ó ní ayédèrú ni mo rà. Èmi tí mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí Àlàbá! Ṣé kí n fẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá ìjọ ni, àbí kí n ra mẹ́jọ míì?

Àǹtí Aláṣọ Balógun: Pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ojú mi ti rí i. Iná kéékèèké tó máa ń gbóná yẹn, hálójìn, àádọ́ta wáàtì, ni mo fi sí àjà ṣọ́ọ̀bù mi. Léèsì tí mo gbé sí pẹpẹ òkè pátápátá ṣá lójú kan ṣoṣo, kí n tó mọ̀ pé iná ló ń sun ún. Ẹ má gbé aṣọ sábẹ́ ẹ o.

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Àǹtí mi, kò sí aṣọ níbẹ̀. Ẹ́líídì ni tèmi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó: Iná ìjọba ni. Ní àṣálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tanná pọ̀, agbára iná á lọ sílẹ̀, ẹ́líídì á sì kú. Bí òru bá jìn, á padà. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń tún agbára iná ṣe, ọ̀rọ̀ tán.

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Ẹ dúró ná. Ìyá Ìbejì, ẹ dáhùn mẹ́rin yìí kí ẹ tó náwó. Èwo ló ń kú nínú mẹ́jọ náà? Iná ọ̀nà àbákọjá tó wà lórí bíréékà kan náà ńkọ́? Wáàtì mélòó ni? Kí ló sì wà lókè àjà yẹn, láàárín píópì àti páànù?

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Ẹ ṣé, bàbá. Àwọn tó wà láàárín ló ń kú. Méjì tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà àbákọjá kò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀nà àbákọjá fúnra rẹ̀. Wáàtì méjìdínlógún ni ìkọ̀ọ̀kan, èmi ni mo ní kí ó tó bẹ́ẹ̀ kí ilé má baà dà bí ṣọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ́ òru. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkùnrin yẹn kò mọ́ rárá, ó fi ìka dúdú sí píópì mi.

Bàbá Kúnlé: Ẹ̀yin ìyá ni ẹ máa ń fa èyí. Oníṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú lẹ máa ń wá. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á gbé bébà jáde, á yàwòrán.

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Bàbá Kúnlé, ẹ kò mọ iye tí mo san.

Ọ̀gá Oní-píópì: Ti ìmọ́lẹ̀ igun yẹn, mo ti mọ ohun tó ṣe. Báwo ni pálọ̀ yín ṣe gùn tó?

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún sí méjìlá.

Ọ̀gá Oní-píópì: Ẹ ò rí i! Ọkùnrin náà pín 18 sí márùn-ún, ó fi àlàfo tó wà láàárín iná méjì ṣe àlàfo ògiri náà, ó fi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lé díẹ̀ káàkiri. Lápá kejì, ó pín 12 sí mẹ́ta, ìlà kọ̀ọ̀kan wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ògiri. Lójú bébà, ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n iná tó wà láàárín ń gba ìrànlọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, ti ẹ̀bá ògiri kò ní ẹnìkejì lápá kan. Ìdajì àlàfo ló yẹ kó wà láàárín iná ìkẹyìn àti ògiri. Ká ní mẹ́ta ló wà nínú ìlà, 18 pín sí mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. 12 pín sí méjì, mẹ́fà náà ni, mẹ́ta sí ògiri. Iná mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbi gbogbo. Mẹ́jọ kò pọn dandan.

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Èmi ni mo ní kó jìnnà sí ògiri o, torí òdòdó píópì tó yí etí àjà ká. Mi ò fẹ́ kó gé e.

Ọ̀gá Oní-píópì: Òdòdó tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan á ṣì ku méjì kí ó tó kan iná. Kò dí i lọ́wọ́.

Káfíńtà Mushin: Bí a bá ń wọn nǹkan yìí, igi tó gbé àjà dúró ló máa ń ba a jẹ́. Oníṣẹ́ iná á gbẹ́ ihò, á kan igi, á sún iná kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́, ìlà á wọ́. Orí ilẹ̀ ni kí wọ́n ti fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, kí wọ́n fi ìwọ̀n olókùn gbé e lọ sókè, kí wọ́n kan àjà wò níbi tí igi wà. Bí ọ̀kan bá bọ́ sórí igi, gbogbo ìlà ni kí wọ́n sún ní íǹṣì díẹ̀. Ojú kì í rí íǹṣì mẹ́ta tí ìlà bá gún.

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n ìyá kò tíì dáhùn ìbéèrè mi kẹrin. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ti àárín ló ń kú, tí ti ẹnu ọ̀nà kò kú, lórí wáyà kan náà? Bó bá jẹ́ iná ìjọba ni, gbogbo wọn ni ì bá ṣe é. Kí ló wà lókè?

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Kò sí nǹkan pàtàkì, bàbá. Ilé wa ló wà lókè pátápátá, páànù ló kù. Ooru ọ̀sán kò jẹ́ ká sùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá gba inú ihò àjà wọlé lẹ́yìn Kérésìmesì, ó tẹ́ òwú gíláàsì tó ní bébà fàdákà lójú kan sórí píópì náà. Ó tutù dáadáa, ẹ má sọ pé kí n yọ ọ́. Ó tán kó tó dé apá ẹnu ọ̀nà.

Àǹtí Aláṣọ Balógun: Háà!

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Ìgbà wo ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í kú?

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Lẹ́yìn Kérésìmesì náà ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bàjẹ́ kí òwú tó dé.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó: Ẹ́líídì kì í gbóná kẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ojú rẹ̀ wò.

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Ojú rẹ̀ kì í gbóná, àbúrò, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbóná. Ohun tó ṣe léèsì àǹtí yẹn, iwájú ni hálójìn ti ń tú ooru jáde. Ẹ́líídì ń gbé ooru gba irin ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sínú òfuurufú tó wà lókè àjà. Òwú gíláàsì ti wá bo irin náà àti àpótí dráífà tó ń bọ́ ọ. Ooru kò rí ibi gbà. Dráífà tó ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú á pa ara rẹ̀ bó bá gbóná jù, á tún tan ara rẹ̀ bó bá tutù. Ìyẹn ni tanná-kú-tanná tí ìyá ń rí. Èyí tí kò ní ọgbọ́n náà, kapásítọ̀ inú rẹ̀ á gbẹ. Bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì mẹ́wàá lé sí i, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ yẹn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ pa bíréékà, kí ẹ sì pa ínfátà pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ilé ni ínfátà ti ń bọ́ iná pálọ̀ lẹ́yìn tí bíréékà ti kú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fa iná kan sílẹ̀ láàárín, ó ní sípíríńgì méjì. Kó ti òwú kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ yíká, kí nǹkan kan má sì wà lórí rẹ̀. Kó fi èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ tan méjèèjì lálẹ́ kan náà. Kó tún wo ibi tí wọ́n ti so wáyà: bí tépù lásán ni wọ́n fi wé e, tí bébà fàdákà yẹn sì kàn án, iná lè gba inú fàdákà. Kó ka ohun tí wọ́n kọ sára dráífà fún wa.

Bàbá Kúnlé: Mo fi agolo ọ̀dà dé ẹ̀yìn tèmi, òwú kò kàn án mọ́. Ó tán.

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Ooru wá wà nínú agolo, bàbá. Àwọ̀n wáyà ló yẹ, kó fẹ̀, kó máa mí.

Bàbá Kúnlé: Tèmi ṣì ń tàn.

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Mo ti ṣe é. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ iná ló bá mi tú u. Èyí tí a ti òwú kúrò lẹ́yìn rẹ̀ tàn títí tí a fi lọ sùn, kò ṣẹ́jú. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Dráífà tí ó yọ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dì í mú. Ohun tí wọ́n kọ sí i nìyí: INPUT 85-265V, OUTPUT 300mA, ta 40°C. Ó ní tépù lásán ló wà níbi wáyà.

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Ó yé mi. "ta" yẹn ni ìwọ̀n ooru tó ga jù lọ tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tó yí i ká ní, 40. Lábẹ́ páànù Èkó lọ́sàn-án, òkè àjà ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tanná. Àwọn méjì tó kú, ó ṣeé ṣe kí orí iná ṣì dáa. Dráífà nìkan ni kí ẹ rà, 300mA gan-an, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fún yín ní tàbí-ṣùgbọ́n. Kó fi àpótí ìsowáyà onírọ́bà bo ìdí wáyà.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó: 85 dé 265, ó ní. Ohun tí wọ́n kọ sí páálí kọ́ ló ń wà nínú rẹ̀. Mo ṣì rò pé iná ìjọba lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Ó lè lọ́wọ́ nínú ṣíṣẹ́jú. Kò lọ́wọ́ nínú ìdánwò alẹ́ àná.

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Bí mo bá gé òwú yíká iná mẹ́jọ, ṣé ooru kò ní padà sínú pálọ̀?

Bàbá Oníná Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta: Díẹ̀ á padà. Ohun tí mo bá ṣe nílé ara mi ni pé kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ká òwú náà kúrò lórí píópì, kó fi wáyà so ó mọ́ abẹ́ igi òrùlé, kí ojú fàdákà kọjú sílẹ̀, kí àlàfo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ooru páànù á dúró lókè, iná á ní afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Nígbà náà iná mẹ́fà oníwáàtì méjìlá á tó ilé yín, ooru á sì dín.

Káfíńtà Mushin: Ó máa nílò igi tín-ín-rín tí yóò gbé e, kí ó má baà já lulẹ̀. Ihò àjà yẹn, ṣé ènìyàn lè gba ibẹ̀ pẹ̀lú igi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà?

Ìyá Ìbejì Àgùdà: Ẹ̀gbọ́n náà kò ní gbà. Ó ní iṣẹ́ òun dáa. Mo máa gé e yíká ná, kí n fi àwọ̀n sí i. Ti pípín iná, mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa dí ihò mẹ́jọ.

Ọ̀gá Oní-píópì: Bẹ́ẹ bá fẹ́ dí i, píópì àti fáíbà ni wọ́n fi ń dì í láti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó kùn ún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àmì róbótó mẹ́jọ á hàn. Ẹ fi fọ́tò àjà náà ránṣẹ́.

Àǹtí Aláṣọ Balógun: Bàbá Oníná, ẹ bá mi wá wo ti ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí òwú lókè tèmi, ó sì ń gbóná.