Frobenius tí mi ò kà, ṣé kí n fi í sí rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì?

Ọmọ Lágere (Líìdì): Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ọ̀la, aago méjìlá ọ̀sán, ni mo máa fi àpilẹ̀kọ mi sílẹ̀. Súpáfáísọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ìlà pupa sábẹ́ Frobenius 1913, ìwé ará Jámánì kan tó wá sí Ifẹ̀, nínú rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì mi, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ṣé o ka èyí?" Mi ò kà á. Inú ìwé tí Willett kọ lórí àwọn ère Ifẹ̀ ní 1967 ni mo ti rí ohun tí Frobenius sọ nípa orí Olókun. Ṣé kí n yọ Frobenius ni, àbí kí n fi àwọn méjèèjì sílẹ̀? Mi ò tíì fojú kan oorun láti àná.

Bàbá Ìbejì (Hiúsítìn): Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì ni, pásítọ̀ wa á kọ ọ́ fún ọ. Òun ló kọ ti àbúrò mi nígbà tó ń wá ilé. Fi orúkọ rẹ ní kíkún ránṣẹ́.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà (Kálgárì): Bàbá 😂 kì í ṣe ilé ló ń wá o.

Ìwọ ọmọ Lágere, yọ ọ́ kíá. Mo ti jẹ ìyà ẹ̀ rí. Ti Johnson ni tèmi, ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921. Inú ìwé ẹlòmíràn ni mo ti rí ohun tó sọ nípa ogun Ìjẹ̀ṣà. Mo kọ Johnson 1921, mo da nọ́ńbà ojú-ìwé tí onítọ̀hún kọ síbẹ̀ kọ, mo ṣe bí ẹni tó ti ka ìwé náà tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn fa Johnson tirẹ̀ yọ nínú báàgì, ó ṣí ojú-ìwé yẹn, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ló bá níbẹ̀. Ẹni tí mo dà á kọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣi nọ́ńbà kọ, èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ yẹ gbogbo ìwé tí mo tọ́ka sí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta gbáko, owó físà lọ́tọ̀.

Àǹtí Tóróńtò: Ẹ má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Méjèèjì ni kó fi sí i. Bí olùkọ́ wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, máàkì mi ò sì dín.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà: Máàkì yín ò dín torí kò sẹ́ni tó bi yín léèrè, Àǹtí.

Tíṣà Àgbà (Ilé-Ifẹ̀): Ẹ kú ìjókòó o. Èmi nìkan ni mo wà nílé nínú gbogbo yín, àmọ́ ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń to ìwé nílé-ìkàwé, ẹ jẹ́ n dá sí i.

Nínú ọ̀rọ̀ tí o ń kọ, àwọn méjèèjì ló máa hàn. Nínú àkójọ tó wà lẹ́yìn, ẹni tí ojú rẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan. Tó bá jẹ́ ìlànà APA, báyìí ló máa rí nínú ọ̀rọ̀:

```
(Frobenius, 1913, as cited in Willett, 1967)
```

Tí o bá wá lọ sẹ́yìn, Willett á wà lábẹ́ W, kò ní sí Frobenius lábẹ́ F. Ọ̀rọ̀ Frobenius gan-an ni o bá sì dà kọ, ojú-ìwé ti Willett ni kí o kọ síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni o ti rí i.

Ohun tí Àǹtí ń sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ilé mìíràn ni. Àwọn tó ń lo fútínóòtì Ṣikágò máa ń kọ ìwé àkọ́kọ́ ní kíkún, wọ́n á fi "quoted in" sí i, wọ́n á tún kọ ìwé tí wọ́n rí i nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ nínú nóòtì kan ṣoṣo.

Àǹtí Tóróńtò: Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀ka ìtàn ni mo ṣe lóòótọ́. Fútínóòtì la lò.

Ọmọ Lágere: Bàbá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n mo ti yọ Frobenius lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Bí mo bá ti ní kí Zotero tó ń bá mi to rẹ́fẹ́rẹ́ǹsì tún àkójọ náà ṣe, ó tún ti padà wá bí àbíkú.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà: Torí pé ìsàlẹ̀ lo ti ń pa á rẹ́, òkè ló wà. Ẹnikẹ́ni tí o bá fi Zotero tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ ló máa gbé lọ sẹ́yìn. Tẹ ìtọ́kasí yẹn, yọ Frobenius kúrò, kó ku Willett nìkan. Wá tẹ orúkọ Willett, wàá rí àpótí kan tí wọ́n kọ `Prefix` sí. Fọwọ́ ara rẹ kọ `Frobenius, 1913, as cited in` síbẹ̀. Bó o ṣe kọ ọ́ ló máa jáde, Zotero ò sì ní mọ̀ pé Frobenius wà láyé.

Ọmọ Lágere: Ó ti lọ! Ẹ̀yin ará mi, ó ti lọ! Àmọ́ Hávádì ni wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ọ̀sì wa o, kì í ṣe APA.

Tíṣà Àgbà: Háà. Èyí ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ. Hávádì ò ní bàbá kan, oníkálukú ilé-ẹ̀kọ́ ló ní tirẹ̀. Èyí tó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà Cite Them Right, Willett nìkan náà ló ń fẹ́ lẹ́yìn, "cited in" ló sì ń kọ, kò sí "as" níbẹ̀. Àwọn kan ń béèrè méjèèjì. Wo ti ilé-ẹ̀kọ́ tìrẹ.

Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, kí ló dé tí o ò ka Frobenius fúnra rẹ̀? Ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ wà fún ìwé tí apá ò ká: èyí tó ti wọ́n lọ́jà, tàbí èyí tó wà ní èdè tí o ò gbọ́. Ti 1913 yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni, Rudolf Blind ló túmọ̀ rẹ̀, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí archive.org. Ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1912, nítorí náà yẹ nóòtì Willett wò kí o mọ èwo ló mú lọ́wọ́. Bí o bá fojú ara rẹ rí ojú-ìwé náà, Frobenius ti di tìrẹ, "cited in" ò sí mọ́.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà: Ṣé Frobenius tó ní àwọn ará Atlantis ló wà nídìí ère yín nìyẹn? Tó fẹ́ gbé orí Olókun lọ, kí àwọn Òyìnbó tó ní kó dá a padà? Ká ní Iléṣà ló yà sí ni, a ò ní dúró de Òyìnbó kankan. A máa lóṣòó tì í ni títí á fi kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Òṣómàáló!

Ọmọ Lágere: Ẹ gbọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Níbo ni Ọwá yín ti gba adé? Ẹ kọ ọ́ dáadáa: Iléṣà, as cited in Ifẹ̀.

Àǹtí Tóróńtò: Yéè! 😂😂

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà: Ó dáa, a gbà, ṣùgbọ́n ẹni bá fẹ́ jẹ iyán tòótọ́, ó mọ ibi tó ń gbà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi páúdà rò ó lórí iná. Bí mo bá tún gbúròó ọmọ odó ní àárọ̀ Sátidé, mo lè sunkún.

Tíṣà Àgbà: Òjò ń rọ̀ níbí báyìí. Obìnrin tó ń sun àgbàdo níwájú ilé mi ti kó o sábẹ́ agboòrùn, òórùn ẹ̀ ti gba gbogbo yàrá.

Àǹtí Tóróńtò: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, sà. Yìnyín ló wà lójú fèrèsé mi.

Ọmọ Lágere: Bàbá, mo ti rí i lórí archive.org o! Ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ méjì ni. Nínú èwo ni Olókun wà? Tí mo bá sì rí i, ṣé kí n ṣì fi Willett sílẹ̀ torí òun ló júwe ọ̀nà fún mi?

Ọmọ Lágere: Bàbá?

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà: Iná ti lọ n'Ífẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Ìbejì: Ọmọ mi, o ò tíì fi orúkọ náà ránṣẹ́. Pásítọ̀ ń dúró.