Ṣé kí n fi iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Gbági dáhùn ìbéèrè ìrírí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì níbí ní Ìbàdàn, mò ń wá iṣẹ́ atọ́jú ọjà. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n sọ ìgbà kan tí ọjà tó wà nílẹ̀ àti àkọsílẹ̀ kò bára mu. Mo ní mi ò tíì ṣiṣẹ́ rí. Ó dùn mí, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá aláṣọ kan ní Gbági. Lọ́jọ́ kan, ìwé sọ pé ańkárá 42 ló wà, mo kà á, 39 ni mo bá. Mo yẹ rìsíìtì wò títí mo fi rí i pé oníbàárà kan ló gba mẹ́ta àwìn, a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ya ojú ìwé àwìn sọ́tọ̀, mo sì ń ka ọjà ní gbogbo Sátidé.

Mo ti kọ ìtàn náà sílẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí mo ṣe, ibi tó já sí. Mo ro ti prójẹ́ẹ̀tì ilé ìwé, ṣùgbọ́n àwa márùn-ún la jọ ṣe é, ìwé ìbéèrè nìkan ni mo pín. Bí wọ́n bá tọpinpin, ẹnu mi á wọlé. Ti ìpín oúnjẹ tí mo ń bá ṣọ́ọ̀ṣì kà náà wà, àmọ́ kò sí ìṣòro kankan níbẹ̀ tí mo yanjú. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹnikẹ́ni kì í ka ọmọ iṣẹ́ sí òṣìṣẹ́.

Ọjọ́rú ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ kíkọ́ ni mo wà kí n tó sọ ìtàn ańkárá yìí, àbí kí n sọ ọ́ tán ná?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.