Ẹ̀yin tójú máa ń tì, báwo lẹ ṣe dẹni tó mọ èèyàn nídìí iṣẹ́ yín?

Ọmọ Òṣogbo: Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Akántáǹtì ni mí n'Ìbàdàn, tí mo bá lọ sípàdé ẹgbẹ́ wa, fóònù ni mo máa ń tẹjú mọ́ títí wọ́n á fi pín ráìsì. Ní 2021 mo ra jọ́tà kan, mo kọ orúkọ èèyàn 12 síbẹ̀, àwọn tá a ti jọ ṣe nǹkan pọ̀ rí ni o, kì í ṣe àwọn ọ̀gá ńlá. Gbogbo àárọ̀ Fúráìdé mo máa ń kọ mẹ́séèjì sẹ́ni mẹ́ta, tó fi jẹ́ pé kóṣù tó parí mo ti kárí wọn. Àmọ́ mi ò kí wọn lásán. Àǹtí kan ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìwé báńkì wé ìwé ṣọ́ọ̀bù, mo wá kọ ọ́ sí wọn pé: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ohun tẹ́ ẹ kọ́ mi yẹn la fi rí 40,000 náírà tá a ń wá lánàá. Ẹ ṣé gan-an, ẹ má ṣèyọnu àtifèsì." Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ló ń gbà mí o, torí tí wọn ò bá fèsì mi ò ní sùn. Ó tó oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó pè mí fúnra wọn, oníbàárà kan wà tí wọn ò ráyè fún, ṣé mo lè gbà á?

Àlàbí: Èmi ń fi gúdù mọ́níǹ olódòdó ránṣẹ́ sí igba èèyàn láràárọ̀. Wọ́n á mọ̀ yín dáadáa.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n á mọ̀ yín lóòótọ́, wọn ò kàn ní máa ṣí i ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 22. Tẹ́nì kan bá ń fi àtàǹpàkò nìkan dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta léra, ẹ fún un láyè, ó di bí oṣù mẹ́ta, nígbà tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tóun gan-an nílò. Tó bá sì jẹ́ ìpàdé, ẹ tètè dé, ẹ bá wọn to àga. Ẹni mẹ́rin ló máa wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àga náà lẹ ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Téló: Ọmọ mi náà kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ṣé jọ́tà yìí lè ṣiṣẹ́ fún un? Ọmọ ọdún méje ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣeré jàre.

Ọmọ Òṣogbo: Ìbéèrè mi gan-an rèé o. Ọ̀gá mi àtijọ́, ó ti tó ọdún mẹ́rin tá ò sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ tí ò ní dà bíi pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan?

Àlàbí: Má ṣe é. Wọ́n á ní owó lo fẹ́ yá.

Ìyá Ìbejì: Sọ ọ́ tààrà pé ó ti pẹ́, kó o wá sọ nǹkan kan tó o kọ́ lọ́dọ̀ wọn tó o ṣì ń lò. Má fi ìbéèrè kankan sí i.

Ọmọ Òṣogbo: Mo ti kọ ọ́. Ó wà lójú fóònù látàárọ̀, mi ò tíì lè tẹ̀ ẹ́.